Kí Ló Ń Mú Kí Ẹlẹ́wọ̀n Má Padà Sẹ́wọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹlẹ́wọ̀n 200 wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, tí wọ́n sì dá kíláàsì aṣọ rírán sílẹ̀ níbẹ̀. Àyè ènìyàn 100 péré ló wà. Àwọn 100 wọlé, àwọn 100 yòókù kò wọlé. Nígbà tí gbogbo wọn ti jáde, tí ọdún mẹ́ta sì ti kọjá, a ka iye àwọn tó tún ti wẹ̀wọ̀n. Nínú àwọn tó kọ́ aṣọ rírán, a rí 28. Nínú àwọn tí kò kọ́ ọ, a rí 52. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí á pàtẹ́wọ́. Á ní kíláàsì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé iye àwọn tó ń padà sí ìdajì.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí iye méjèèjì yẹn jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kí kíláàsì náà má ti yí ohunkóhun padà. Ẹ fara balẹ̀ ká jọ wò ó.

Ká ní irú ènìyàn méjì ló wà láàárín àwọn 200 yìí. Àwọn 100 kan wà tí ayé ìwà ọ̀daràn ti sú pátápátá. Ìyàwó wọn ń wá wò wọ́n, àwọn òbí wọn ṣì ń retí wọn nílé. Yálà wọ́n kọ́ṣẹ́ tàbí wọn kò kọ́ṣẹ́, 20 péré ni yóò padà sẹ́wọ̀n nínú wọn. Àwọn 100 kejì kò tíì yí ọkàn padà, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jalè sì ń dúró dè wọ́n níta. Yálà wọ́n kọ́ṣẹ́ tàbí wọn kò kọ́ṣẹ́, 60 ni yóò padà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n kéde kíláàsì, ta ni yóò sáré wá forúkọ sílẹ̀? Àwọn ti àkọ́kọ́ ni. Àwọn wọ́dà pàápàá á fẹ́ mú àwọn tí kì í fa wàhálà. Nítorí náà, nínú 100 tó wọlé, ká ní 80 jẹ́ irú ti àkọ́kọ́, 20 sì jẹ́ irú ti ìkejì.

Ó yá, ẹ ṣírò rẹ̀. Nínú 80 ti àkọ́kọ́, ẹni 16 ni yóò padà. Nínú 20 ti ìkejì, ẹni 12 ni. Tí a bá ro ó pọ̀, 28 ni. Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò wọ kíláàsì. Nínú wọn, 20 jẹ́ irú ti àkọ́kọ́, ẹni 4 á padà níbẹ̀. Àwọn 80 jẹ́ irú ti ìkejì, ẹni 48 á padà. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 52. Gbogbo ìyàtọ̀ tí a pàtẹ́wọ́ fún ti wà nínú bí a ṣe yan àwọn ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ ìhà Ìkọ̀lé á tètè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Bí ẹnì kan bá da ajílẹ̀ sí oko àgbàdo rẹ̀ tó wà létí odò, tí kò da nǹkan kan sí èyí tó wà lórí òkúta, tó wá sọ nígbà ìkórè pé ajílẹ̀ yìí mà dára o, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bi í pé ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é ni àbí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ajílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dà á sí apá kan nínú ilẹ̀ kan náà, kó fi apá kejì sílẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà rí ilẹ̀ kan náà láàárín ènìyàn ni pé kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ kíláàsì á kọ orúkọ, kèké á sì sọ ẹni tí yóò wọlé. Kèké kò mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ wò, kò sì mọ ẹni tí ọ̀rẹ́ burúkú ń dúró dè. Bí ẹ bá ṣẹ́ kèké láàárín àwọn 200 ti òkè, nǹkan bí 50 irú ti àkọ́kọ́ àti 50 irú ti ìkejì ni yóò bọ́ sí apá kọ̀ọ̀kan. Bí kíláàsì kò bá ṣe nǹkan kan, 40 ni yóò padà ní apá kìn-ín-ní, 40 náà ni yóò padà ní apá kejì. Bí ẹ bá wá rí 40 ní apá tí kò wọlé, tí ẹ rí 30 ní apá tó wọlé, ẹ lè sọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé kíláàsì ló ṣe iṣẹ́ yẹn, bí iye ènìyàn bá ṣáà ti pọ̀ débi tí kò fi lè jẹ́ èèṣì.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé bí a kò bá ní i lọ́kàn, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa iṣẹ́ àtúnṣe nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n la máa gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá. Ẹni tí kọ́ọ̀tù bá dá lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, ọgbà ẹ̀wọ̀n Adó-Èkìtì ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Lọ́jọ́ tó bá jáde, àárín wa níbí ló ń padà bọ̀. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní 2019 yí orúkọ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ àtúnṣe, ó sì ní kí wọ́n máa fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ẹ̀kọ́ ìwé, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti òde òní àti ti ẹran sísìn. Yunifásítì NOUN, èyí tí ènìyàn lè jókòó sílé kó máa kà, ní ibùdó ẹ̀kọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, Kírìkírì ní Èkó wà lára wọn. Ẹ̀kọ́ ti wọ inú ọgbà. Ìbéèrè tó kù ni pé irú ẹ̀kọ́ wo, fún irú ènìyàn wo, ló ń dá wọn dúró síta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kà á jù. Ní 2013, Lois Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí RAND kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láti 1980 sí 2011 jọ, wọ́n sì wò wọ́n pa pọ̀. Ohun tí wọ́n bá jáde ni pé nínú 100 ẹlẹ́wọ̀n tí kò kẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú ẹ̀wọ̀n, nǹkan bí 43 ló ń padà láàárín ọdún mẹ́ta. Nínú 100 tó kẹ́kọ̀ọ́, yálà ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, nǹkan bí 30 ló ń padà. Ìyàtọ̀ 13 lórí ọgọ́rùn-ún kì í ṣe kékeré. Wọ́n ṣírò owó náà, wọ́n ní dọ́là 1 tí ìjọba bá ná sórí ẹ̀kọ́ yìí ń dá dọ́là 4 sí 5 padà láàárín ọdún mẹ́ta, nítorí owó tí ìjọba ìbá tún fi bọ́ ẹni tó padà sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi ṣe ìṣirò ti òkè á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, ṣé wọ́n ṣẹ́ kèké? Ìbéèrè tó yẹ gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo ìwádìí tí wọ́n kó jọ, díẹ̀ ló ṣẹ́ kèké. Àwọn yòókù gbìyànjú láti fi ẹni tí ọjọ́ orí, ẹ̀ṣẹ̀ àti ìwé wọn jọra wéra, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkàn kì í hàn nínú fáìlì. Ìyẹn ni pé ara 13 yẹn jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ara rẹ̀ sì lè jẹ́ iṣẹ́ ọkàn tí ènìyàn gbé wá sí kíláàsì. Èmi gbà pé ẹ̀kọ́ ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé àwọn ìwádìí tó ṣọ́ra jù náà tọ́ka sí ibì kan náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé 13 yẹn káàkiri bí ẹni pé òṣùwọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ní Nọ́wè, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Ìwádìí tí Manudeep Bhuller, Gordon Dahl, Katrine Løken àti Magne Mogstad gbé jáde ní 2020 lo ohun kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́hùn-ún, ẹjọ́ tó bá dé kọ́ọ̀tù ń bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni yàn án. Àwọn adájọ́ kan le, wọ́n ń ránni lẹ́wọ̀n púpọ̀. Àwọn mìíràn rọ̀. Ẹni méjì tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn dọ́gba, tí ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ tó le, tí èkejì bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ tó rọ̀, kèké ti ṣẹ́ láàárín wọn láìsí ẹni tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra fún ọdún márùn-ún, wọ́n rí i pé ẹ̀wọ̀n níbẹ̀ dín ìwà ọ̀daràn kù, ṣùgbọ́n àwọn tí kò níṣẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ nìkan ló ṣe é fún. Wọ́n fi wọ́n sínú ètò ìkọ́ṣẹ́, wọ́n jáde, wọ́n ríṣẹ́, wọ́n sì dúró síta. Àwọn tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ìwà ọ̀daràn wọn kò sì dín kù.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Nọ́wè kò jọ tiwa. Owó tí wọ́n ń ná sórí ẹni kan lọ́hùn-ún pọ̀, ẹlẹ́wọ̀n kan sì sábà máa ń dá ní yàrá tirẹ̀. Nítorí náà, iye tí wọ́n rí níbẹ̀ kò ṣeé gbé wá síbí. Ohun tí a lè mú nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ wúlò fún ẹni tí kò níṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 22 láti Ìkọ̀lé tí kò kọ́ṣẹ́ rí, tó ń bá wọn jí alùpùpù, ó nílò ohun tí yóò máa ṣe láàárọ̀. Wẹ́ldà kan ní Ìfàkì tó bá ènìyàn jà nítorí gbèsè, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì lábẹ́ rẹ̀, kí ni a fẹ́ kọ́ ọ? Oṣù mẹ́fà nínú ẹ̀wọ̀n á tú ṣọ́ọ̀bù náà ká, àwọn oníbàárà á wá ẹlòmíràn lọ. Òfin 2019 fàyè gba kí ènìyàn sin ìlú láti ilé rẹ̀ dípò kó wẹ̀wọ̀n. Lójú tèmi, fún irú wẹ́ldà yìí, ìyẹn ni ètò àtúnṣe tó bá ohun tí ìwádìí sọ mu.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù wá láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa, ní Monróvíà, olú-ìlú Làìbéríà. Ogun parí níbẹ̀ ní 2003. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 2010, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kún ìgboro tí wọ́n ń jalè, tí wọ́n ń ta oògùn olóró, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ jà. Àwọn kan nínú wọn ti jagun rí. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NEPI, tí Klubosumo Johnson Borh jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ti ń bá irú àwọn ọ̀dọ́ yìí ṣiṣẹ́. Christopher Blattman, Julian Jamison àti Margaret Sheridan dara pọ̀ mọ́ wọn láti dán ètò náà wò dáadáa.

Ọkùnrin 999 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n lọ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ ibi wọn, ní kọ̀rọ̀ ọjà àti ní ibùba tí wọ́n ti ń mugbó. Kèké ni wọ́n fi pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Apá kan gba ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Apá kejì gba owó 200 dọ́là, tó tó ohun tí irú wọn ń rí láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Apá kẹta gba ẹ̀kọ́, ó sì gba owó lẹ́yìn rẹ̀. Apá kẹrin kò gba ìkankan. Ẹ kíyè sí apá kẹrin yìí dáadáa. Bí kò bá sí i, a kò ní mọ ohun tí àwọn mẹ́ta yòókù ìbá dà bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn? Kì í ṣe aṣọ rírán, kì í ṣe iṣẹ́ igi. Wọ́n ń pàdé nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 20 nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn tó ń kọ́ wọn jẹ́ ẹni tó ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ rí tó sì ti jáwọ́. Wọ́n kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń rí ìbínú kó tó dé, kó sì kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn láti pín ohun ńlá tí ọkàn ń fẹ́ sí ìgbésẹ̀ kéékèèké tó ṣeé ṣe lónìí àti lọ́la. Wọ́n ní kí wọ́n gé irun, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n wọṣọ bí ènìyàn. Wọ́n wá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ lọ sí báńkì, ẹ wọlé, ẹ béèrè bí ènìyàn ṣe ń fi owó pamọ́. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ rìn káàkiri rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti máa ń lé bí ajá wọlé, ó rí i pé wọn kò lé òun. Ó padà wá ròyìn fún ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwà ọ̀daràn dín kù láàárín àwọn tó gba ẹ̀kọ́ nìkan, ó sì dín kù láàárín àwọn tó gba owó nìkan. Bí ìwádìí bá dúró níbẹ̀, a ó ní ọ̀nà méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, agbára ti owó nìkan ti pòórá. Agbára ti ẹ̀kọ́ nìkan náà ti rọ. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́, tí owó sì tẹ̀ lé e, ni ìyípadà wọn dúró, olè jíjà wọn àti ìjà wọn sì wálẹ̀ gidigidi. Àwọn olùwádìí tún padà lọ wá àwọn ọkùnrin náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Ọdún mẹ́wàá! Ìyípadà náà ṣì wà lára àwọn tó gba méjèèjì, pàápàá láàárín àwọn tí ìwà wọn burú jù níbẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ronú lórí ìdí rẹ̀, nítorí pé ìdí tí yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn kọ́ ló tọ̀nà. A ó rò pé owó náà sọ wọ́n di oníṣòwò, wọn kò sì nílò olè mọ́. Rárá. Púpọ̀ nínú wọn fi owó náà ra ọjà, wọ́n sì pa owó fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún tó pé, òwò náà ti run. Wọ́n ja àwọn kan lólè, torí pé ẹni tó ń sùn ní ìgboro kò ní ibi tó lè kó ọjà sí. Owó lọ, ìwà rere dúró. Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà rò pé ó bá a mu ni pé owó ra àkókò fún wọn. Ẹ̀kọ́ kọ́ wọn láti máa ṣe bí ọmọlúàbí, owó sì fún wọn ní oṣù díẹ̀ sí i tí wọ́n fi ń ṣe é lójú ayé, nínú aṣọ tó mọ́, nídìí ọjà tí wọ́n ń tà, títí tó fi mọ́ wọn lára. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ láìsí owó padà sínú ebi lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó gba owó láìsí ẹ̀kọ́ kò ní ohun tuntun tí yóò fi àkókò náà kọ́ ara rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn olè wọ̀nyí kàn pa irọ́ fún àwọn olùwádìí ni. Àwọn olùwádìí náà rò ó. Wọ́n mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n rán ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ láti máa bá wọn rìn, láti máa bá wọn jẹun, kó lè wá mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ lórí ìwé nípa olè àti oògùn olóró jẹ́ òótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọn ló bára mu. Ààlà kan tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé àwọn 999 yìí wà ní ìgboro, wọn kò sí lẹ́wọ̀n nígbà náà.

Nínú ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ le díẹ̀ sí i. Ní 2021, àwọn olùwádìí kan kó ìdánwò 29 jọ, gbogbo wọn ló ṣẹ́ kèké, àwọn ẹlẹ́wọ̀n inú wọn lé ní 9,000. Ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́ ọkàn ni wọ́n ń fún wọn lẹ́wọ̀n. Lójú àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá yọ àwọn ìdánwò kéékèèké kúrò, agbára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ pátá. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìdánwò kékeré bá bọ́ sí rere, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, bí ó bá bọ́ sí òdì, ó máa ń wà nínú àpótí. Ohun tó ṣì dúró níbẹ̀ ni àwọn ètò tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń gbé pa pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ń bójú tó ara wọn. Ẹ̀kọ́ tó bá parí sí ẹnu géètì kì í sábà jìnnà.

Àwọn ètò kan tiẹ̀ wà tó ń ba nǹkan jẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀kan, nítorí pé àwa olùkọ́ ló máa ń wù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọdé oníwàhálà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè pariwo mọ́ wọn, kí ẹ̀rù ba wọ́n. Fíìmù kan tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní 1978 gba orúkọ kiri ayé. Nígbà tí Anthony Petrosino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìdánwò 9 tó ṣẹ́ kèké, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ ló dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé lọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìdó tàbí ní Ọ̀yẹ́ bá ń gbèrò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ sí Adó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí kíláàsì yín.

Ó wá kù kí a gbé gbogbo èyí wá sílé. Ká ní wọ́n ní kí àwa ará àríwá Èkìtì ṣe ètò fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Adó. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí a máa bá pàdé kò sí nínú ìwé àwọn ará Nọ́wè. Nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, ó tó méjì nínú mẹ́ta tí kọ́ọ̀tù kò tíì dá lẹ́jọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni òun máa lọ ni àbí ọdún mẹ́rin sí i. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀kọ́ aṣọ rírán olóṣù mẹ́sàn-án, yóò gba bélì ní oṣù kẹrin, kò ní mọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ gé, kò ní mọ agbádá rán. Ẹ̀kọ́ náà ní láti pín sí wẹ́wẹ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún títún aṣọ ṣe, fífi síìpù sí i àti gígé e kúrú, kí ìyẹn dá dúró bí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e fún ṣòkòtò. Ẹni tó bá lọ níbikíbi ti mú ohun kan dání.

Ìṣòro kejì wà nínú àṣà iṣẹ́ ọwọ́ tiwa. Níbí, ènìyàn kì í kàn ṣí ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ó mọ iṣẹ́. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ ọ, ó ṣe frídọ̀ọ̀mù níṣojú ẹbí àti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ́wọ̀n kò ní ọ̀gá tó lè dárúkọ láàárín ìlú. Bí ẹ bá fún un ní ìwé ẹ̀rí tí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n hàn lórí rẹ̀, ẹ ti so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn. Ó sàn kó ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, èyí tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe. Kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ aránṣọ Ọ̀yẹ́ tàbí ti ẹgbẹ́ agẹrun Ìkọ̀lé sì wá bá wọn ní Adó kí wọ́n tó jáde, kí ọ̀gá kan gbà pé òun yóò mú ẹnì kan sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí frídọ̀ọ̀mù náà sì wáyé ní ìlú. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìkọ̀lé ti kó akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìlú méjèèjì, gbogbo wọn ló ń gẹrun, tí wọ́n ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n ń gé ṣòkòtò kúrú. Iṣẹ́ wà fún ẹni tí wọ́n bá jẹ́ kó jókòó.

Bí a bá tẹ̀ lé Monróvíà, ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ṣẹ́ rìn, kó sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ohun èlò. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí kílípà tó bá tẹ ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó jáde, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì ní ìlànà tuntun, títà ni yóò tà á. Ẹ fi sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Èyí jẹ́ ìmọ̀ràn tèmi, kò sí nínú ìwádìí náà, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí wọ́n rí nípa àwọn tí wọ́n ja lólè mu.

Àyè kò ní tó láéláé. Bí ẹni 60 bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, tí ẹ̀rọ kò sì ju ti ẹni 30 lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yàn. Bí wọ́dà bá yàn, á yan ẹni tó mọ̀. Ẹ ṣẹ́ kèké, kí ẹni tí kèké kò bá mú lọ́dún yìí wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ẹ ó sì ní apá kẹrin ti Monróvíà lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni mẹ́ta tó sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 60 náà sílẹ̀: ìyá, ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ wá gbogbo wọn rí, kì í ṣe àwọn tó ń ṣe dáadáa nìkan. Ẹni tí ẹ kò rí kò ṣeé kà mọ́ àwọn tó yí padà. Ẹ má sì wo ìwé Adó-Èkìtì nìkan. Láti Ìkọ̀lé, ọ̀nà Òmùò gbé ènìyàn dé Kábbà, láti Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ọ̀nà ń lọ sí Ìlọrin. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní ìlú méjèèjì. Ẹni tó tún jalè ní Kábbà kò ní sí nínú ìwé wa ní Adó, a ó sì kà á mọ́ ara àwọn tó dúró síta, àyàfi tí a bá pe ìyá rẹ̀.